Ọjọ́ Tí Dífídẹ́ńdì Di Gbèsè

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń ta ṣíà wọn lọ́jà ìpín ìdókòwò l'Ékòó máa ń gbé ìṣirò ọdún tó kọjá jáde. Gbólóhùn kan wà nínú ìkéde yẹn tí onípìn-ín máa ń wò kó tó wo ohunkóhun mìíràn, ìyẹn iye tí àwọn olùdarí ní kí wọ́n san lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn á ti gba ìgboro pé ilé-iṣẹ́ báyìí ti kéde dífídẹ́ńdì, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣíà á sì ti mọ ohun tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ariwo yẹn ń lọ, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kọ́bọ̀ kan. Bí àwọn olùdarí bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà lọ́la, kò sí onípìn-ín tó lè torí ẹ̀ gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́ pé kí wọ́n san dífídẹ́ńdì òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tí alẹ́ẹ̀tì bá dún lórí fóònù, gbèsè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló parí. Láàárín ọjọ́ méjèèjì ni ọjọ́ kan wà tí kì í sábà ní ariwo nínú, òun sì ni ọjọ́ tí owó náà kúrò ní ti ilé-iṣẹ́, tó di ti àwọn onípìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ yẹn á ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́, á sì rò pé owó tí wọ́n ti fẹ́ pín tán ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà, CAMA ti ọdún 2020, sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi bò. Àwọn olùdarí ló ń dábàá dífídẹ́ńdì, ìpàdé gbogbogbòò àwọn onípìn-ín ló sì ń kéde rẹ̀. Ìpàdé lè dín iye tí wọ́n dábàá kù, ṣùgbọ́n kò lè fi kún un. Ẹni tó bá ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí á ti gbọ́ bí àgbàlagbà kan ṣe máa ń dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, owó yìí kéré, ẹ fi náírà kan lé e fún wa," tí alága á sì fèsì pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Òfin ò fún wa láyè láti fi kún un níbí. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ gbà á bó ṣe wà, tàbí kí ẹ dín in kù." Inú àwọn èèyàn kì í dùn sí èsì yẹn, òótọ́ sì ni. Ó nídìí. Àwọn olùdarí ló mọ gbèsè tó ń bọ̀ àti ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n rà, orí wọn náà sì ni ẹ̀bi máa wà. Bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ pín ojúlówó owó tí wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni pé èrè ni, àpò ara wọn ni òfin ní kí wọ́n ti dá a padà.

Ìgbà tí ìpàdé bá dìbò, tí ó ní "a gbà," ni dífídẹ́ńdì di gbèsè. Òfin kan náà pè é ní gbèsè pàtàkì tí onípìn-ín lè fi òfin gbà láàárín ọdún 12, kìkì bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn olùdarí jókòó, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ti ìwé orúkọ onípìn-ín láti mọ ẹni tí owó tọ́ sí, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí báńkì san án.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí mo fi ọwọ́ ara mi dá fún àpẹẹrẹ, tó ń ṣe omi inú ike n'Íbàdàn. Ó ní ṣíà mílíọ̀nù 10 níta. Ní 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, èrè àkópamọ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 64 náírà. Èrè àkópamọ́ ni gbogbo èrè tí ilé-iṣẹ́ ti jẹ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn owó orí, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo dífídẹ́ńdì tí wọ́n ti kéde rí. Owó tó wà ní báńkì lọ́jọ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 31. Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà méjèèjì kò dọ́gba, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n dọ́gba. Èrè ọdún pípẹ́ ti di ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti di ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ike, ó ti di gbèsè tí àwọn oníbàárà kò tíì san. Ẹni tó bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ní èrè àkópamọ́ mílíọ̀nù 64, tó wá ń béèrè pé kí wọ́n pín in, ń ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀ ni.

Ní 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn olùdarí fọwọ́ sí ìwé ìṣirò, wọ́n sì dábàá náírà 2 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 20 náírà ni gbogbo rẹ̀. Kí ni akáńtáǹtì kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà? Kò kọ nǹkan kan. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé ó fi àlàyé kan sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọdún 2024 pé àwọn olùdarí ti dábàá mílíọ̀nù 20, ó sì ku ìpàdé. Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 10 ló ní kó rí bẹ́ẹ̀: dífídẹ́ńdì tí wọ́n kéde lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò ti parí kì í ṣe gbèsè ọdún yẹn, nítorí pé ní 31 oṣù Kejìlá, kò sí ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ.

Ní 22 oṣù Karùn-ún, ìpàdé gbà á. Nísinsìnyí ni akáńtáǹtì gbé kálámù. Ó dẹ́bíìtì èrè àkópamọ́ ní mílíọ̀nù 20, ó sì kírẹ́díìtì àkáǹtì dífídẹ́ńdì tí a ó san ní iye kan náà. Èrè àkópamọ́ ṣubú láti mílíọ̀nù 64 sí 44 lọ́jọ́ náà gan-an. Gbèsè mílíọ̀nù 20 sì yọ jáde láàárín àwọn gbèsè tí ó gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún. Owó báńkì ńkọ́? Bí a bá gbà pé nǹkan mìíràn ò yí padà, mílíọ̀nù 31 ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo àkáǹtì báńkì nìkan kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì nínú mẹ́ta owó náà ti di ti ẹlòmíràn.

Ní 5 oṣù Kẹfà, wọ́n san án. Òfin owó orí ní kí ilé-iṣẹ́ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dífídẹ́ńdì kó sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Mílíọ̀nù 18 lọ sí àkáǹtì àwọn onípìn-ín, mílíọ̀nù 2 sì di gbèsè ìjọba títí wọ́n á fi san òun náà. Ìyá kan tó ní ẹgbẹ̀rún 40 ṣíà, tó ti ń retí 80,000 náírà, rí 72,000 gbà. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ilé-iṣẹ́ san gbogbo ohun tó jẹ ẹ́, ibi méjì ló kàn pín in gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, owó báńkì á ti lọ sílẹ̀ sí mílíọ̀nù 11, gbèsè náà á ti kúrò nínú ìwé, èrè àkópamọ́ sì dúró sórí mílíọ̀nù 44 tó wà láti ọjọ́ ìpàdé. Sísan dífídẹ́ńdì kò fọwọ́ kan èrè àkópamọ́ rárá. Kíkéde rẹ̀ ló ṣe é.

Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lára ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Fún ọdún 2022, MTN Nàìjíríà dábàá náírà 10 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí dífídẹ́ńdì ìparí ọdún, yàtọ̀ sí náírà 5 àti kọ́bọ̀ 60 tí wọ́n ti san láàárín ọdún. Ṣíà wọn níta ju bílíọ̀nù 20 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fẹ́ pín ju bílíọ̀nù 200 náírà lọ. Owó ńlá yìí kò sí láàárín gbèsè inú báláńsì ṣíìtì 31 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ọdún 2023 ni ìpàdé gbà á, inú èrè àkópamọ́ ọdún 2023 náà sì ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ka báláńsì ṣíìtì ọdún 2022 láìka àlàyé ẹ̀yìn rẹ̀ á fi bílíọ̀nù 200 kún agbára ilé-iṣẹ́ náà nínú ọkàn ara rẹ̀.

Kí ọdún 2023 yẹn tó parí, nǹkan yí padà. Nínú oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí náírà 460 lọ́wọ́ ìjọba ti kọjá 900 nígbà tí ọdún fi parí. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè dọ́là, pàápàá lórí àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó yá lò, gbèsè yẹn sì wú. Òfò tí wọ́n jẹ lọ́dún náà lẹ́yìn owó orí jẹ́ bílíọ̀nù 137 náírà. Ṣùgbọ́n iye tó wà níbi tí èrè àkópamọ́ máa ń wà ní ìparí ọdún jẹ́ àìtó bílíọ̀nù 208. Báwo ni òfò ọdún kan tó jẹ́ 137 ṣe lè sọ àpò tó ní èrè nínú di àìtó 208? Dífídẹ́ńdì ni. Náírà 10 ti ọdún 2022 àti èyí tí wọ́n tún san láàárín ọdún 2023 ti gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí nínú ìṣirò èrè àti òfò. Òfò nìkan ni àwọn ìròyìn ń kà. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí dífídẹ́ńdì ìparí ọdún fún ọdún 2023 gbọ́dọ̀ wo èrè àkópamọ́, nítorí inú èrè tó ṣeé pín nìkan ni òfin gbà kí dífídẹ́ńdì ti wá. Ilé-iṣẹ́ lè ní owó ní báńkì, kí àwọn oníbàárà máa ra dátà lójoojúmọ́, síbẹ̀ kó máà ní ohun tó lè pín.

N kò sọ èyí láti dá àwọn olùdarí lẹ́bi. Nígbà tí ìpàdé ń dìbò lórí náírà 10 yẹn, náírà kò tíì já. Lẹ́yìn tí ìbò bá sì ti parí, kò sí pé a yí i padà mọ́. Ilé-iṣẹ́ kò lè ní dọ́là ti gbówó lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gba ìlérí wa padà. Gbèsè ti di gbèsè. Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí àwọn olùdarí wo iwájú kí wọ́n tó dábàá: bí ìdí bá wà láti gbà pé ilé-iṣẹ́ kò ní lè san àwọn gbèsè rẹ̀ bí àkókò wọn bá ti pé lẹ́yìn tó bá san dífídẹ́ńdì, kò gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi ààlà kan hàn níbí. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó láàárín ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ ìsanwó, onípìn-ín di ẹni tí wọ́n jẹ lówó, ṣùgbọ́n kò ní bá báńkì àti àwọn tó kó ọjà fún ilé-iṣẹ́ du ipò. Àwọn yẹn á kọ́kọ́ gba tiwọn.

Dífídẹ́ńdì àárín ọdún yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn olùdarí lè san án fúnra wọn láìdúró de ìpàdé, bí èrè bá gbé e. Ọjọ́ wo wá ni tirẹ̀ di gbèsè? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Potel lọ́dún 1971 pé ìpinnu àwọn olùdarí lórí irú owó yìí kò sọ ọ́ di gbèsè lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n ṣì lè yí i padà kí wọ́n tó san án. Ìlànà ìṣirò àgbáyé ní tirẹ̀ ń béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ láti fà sẹ́yìn? Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì di gbèsè. Akáńtáǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ojú lásán dáhùn ìbéèrè yẹn. Á ka ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà, á sì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn olùdarí kó tó kọ ohunkóhun.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, níbi tí ẹbí kan náà ti jẹ́ olùdarí àti onípìn-ín, ni pé wọ́n máa ń kọ dífídẹ́ńdì sí àárín ìnáwó, pẹ̀lú owó iná àti owó dísù. Ẹ padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ omi wa. Ká ní èrè rẹ̀ lọ́dún 2025 jẹ́ mílíọ̀nù 26. Bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa, 64 dín 20, ẹ fi 26 kún un, èrè àkópamọ́ ìparí ọdún á jẹ́ mílíọ̀nù 70. Bí wọ́n bá fi dífídẹ́ńdì sí ìnáwó, èrè ọdún á di mílíọ̀nù 6, ẹ fi kún 64, mílíọ̀nù 70 náà ló máa jáde! Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Báláńsì ṣíìtì bára mu, kò sí ohun tó ń pariwo. Ṣùgbọ́n báńkì tí wọ́n fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ á wo mílíọ̀nù 6, á sì rò pé iṣẹ́ náà ń kú lọ. Àwọn agbowó orí náà á béèrè ohun tó fà á, nítorí dífídẹ́ńdì kì í ṣe ìnáwó tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó ṣírò owó orí.

Àṣìṣe kejì burú jùyẹn lọ, torí ó ń fi gbèsè pamọ́. Ìpàdé gba dífídẹ́ńdì ní 18 oṣù Kejìlá, ìsanwó di 14 oṣù Kìíní, akáńtáǹtì sì dúró dìgbà tí owó jáde kó tó kọ ọ́. Báláńsì ṣíìtì 31 oṣù Kejìlá á wá fi hàn pé èrè àkópamọ́ fi mílíọ̀nù 20 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbèsè á sì fi mílíọ̀nù 20 dín. Ẹni tó bá fẹ́ tú u fó á mú ìwé mẹ́ta: ìṣirò bí èrè àkópamọ́ ṣe yí padà láàárín ọdún, tó ń fi iye tí wọ́n kéde hàn, ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde, tó ń fi iye tí wọ́n san hàn, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Iye tí wọ́n kéde dín iye tí wọ́n san gbọ́dọ̀ dúró sínú àkáǹtì dífídẹ́ńdì tí a ó san, tí a bá ti ka owó orí tí wọ́n yọ mọ́ ìsanwó. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí àkọsílẹ̀ ìpàdé sì ní wọ́n ti dìbò, ìwé náà kò pé.

Àkáǹtì yẹn kan náà ni owó tí àwọn onípìn-ín kò gbà ń sùn sí. Ká ní nínú mílíọ̀nù 18 tí ilé-iṣẹ́ omi fi ránṣẹ́, 900,000 náírà padà wá torí pé nọ́ńbà àkáǹtì àwọn kan ti yí padà, àwọn kan ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì mọ̀ pé bàbá ra ṣíà. Mo ti rí olùdarí tó fẹ́ dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà sínú èrè àkópamọ́ kí ìwé lè mọ́. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni títí wọ́n á fi san án tàbí títí òfin á fi tú u sílẹ̀. CAMA ní kí ilé-iṣẹ́ tẹ orúkọ àwọn tí kò tíì gba tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn, kó sì fi kún ìwé ìpè sí ìpàdé ọdọọdún tó ń bọ̀. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò, Òfin Ìnáwó ọdún 2020 ní kí èyí tó bá ti pé ọdún 6 láìsí ẹni tó gbà á lọ sínú àpò àkànṣe ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ni ín lè gbà á níbẹ̀ bó bá mú ẹ̀rí wá. Fún àwọn yòókù, bíi tiwa tó ń ṣe omi yìí, bí ọdún 12 bá kọjá láìsí ẹni tó béèrè, CAMA gbà kí owó náà wọ inú èrè tí wọ́n lè pín fún àwọn onípìn-ín mìíràn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni apá kan mílíọ̀nù 20 tó kúrò nínú èrè àkópamọ́ ní 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 lè padà síbẹ̀.